Síwájú Sí I, Síbo?

Àwọn òǹkọ̀wé kan wà tí wọn kì í lè kúrò nínú gbólóhùn kan bọ́ sí òmíràn, àfi bí “síwájú sí i” bá dì wọ́n lọ́wọ́ mú. Ẹ wo èyí: “Òjò rọ̀ lánàá. Síwájú sí i, ọjà kò tà. Pẹ̀lúpẹ̀lù, inú bí Ìyá Aláta. Ní àfikún, ó na ọmọ rẹ̀.”

Bí ohun tí ẹ̀rọ kọ ló rí. Àwọn ọ̀rọ̀ náà ń kéde pé nǹkan mìíràn ń bọ̀, wọn ò sọ ohun tó so ó pọ̀ mọ́ ti ìṣáájú. Òjò ló lé oníbàárà, àìtà ló fa ìbínú. Ọmọ kàn wà nítòsí ni.

Ẹ sọ ìdí rẹ̀ jáde: “Òjò àná ò jẹ́ kí ọjà tà. Inú bí Ìyá Aláta débi pé ó na ọmọ tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.”

“Ṣùgbọ́n” àti “torí” ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ẹ má lé wọn. Àmọ́ bí ẹ bá yọ “pẹ̀lúpẹ̀lù” tí ìtumọ̀ ò yẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a padà.