Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ "Tu" àti "Vous"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń fẹ́ ọmọkùnrin Faransé kan, ará Líọ̀n. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní Faransé n'Íbàdàn ló wá fi iṣẹ́ rán. Ó kọ ìwé kékeré kan ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìnáwó wọn: inú òun dùn pé o ń bọ̀ ní Sátidé, sọ fún òun bí o kì í bá jẹ ẹran, má sì gbàgbé kóòtù rẹ, òtútù wà. Ó ní, "Ànkù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yí i sí Faransé. Ibi mẹ́rin péré ni mo fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Kò ní gbà yín ní ìṣẹ́jú márùn-ún."

Gẹ̀ẹ́sì ló ń tan ọmọ yìí jẹ. "You" tí wọ́n fi ń pe ọba náà ni wọ́n fi ń pe ajá. Èdè Faransé kì í gba irú rẹ̀. Kí o tó la ẹnu, o gbọ́dọ̀ ti mọ̀ bóyá "tu" ni ẹni yẹn sí ọ tàbí "vous".

Ẹ̀rù kò kọ́kọ́ bà mí. Ọmọ Yorùbá ni mí, ìgbájú ni wọ́n fi kọ́ mi ní "ẹ". Mo ní "o" ni "tu", "ẹ" ni "vous", ó parí. Àṣìṣe nìyẹn. Ọjọ́ orí la fi ń wọ̀n ọ́n nílé wa. Bí ènìyàn ṣe súnmọ́ra tó ni àwọn Faransé fi ń wọ̀n ọ́n. Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Faransé, "tu" ni ọmọ ń pe ìyá rẹ̀, òun náà ló ń pe ìyá àgbà. Nínú àdúrà, "tu" ni wọ́n ń pe Ọlọ́run. (Àwa náà ń sọ "ìwọ" fún Ọlọ́run, n kò lè bá wọn jà síyẹn.) Ṣùgbọ́n oní-fọ́tò tí wọ́n háyà fún ìnáwó náà, ọmọ ọdún méjìlélógún tí mo lè bí lọ́mọ, "vous" ni, nítorí pé a ò mọra.

Ọ̀rẹ́ ọkọ ìyàwó ni mo kọ́kọ́ kọ tirẹ̀, "tu" tí kò ní wàhálà: "Dis-nous si tu ne manges pas de viande, et n'oublie pas ton manteau." Mo wá fẹ́ sọ ọ́ di ti oní-fọ́tò. Ẹ má rò pé "tu" nìkan lẹ máa pa rẹ́ o. Ibi márùn-ún ló ń yí padà: "Dites-nous si vous ne mangez pas de viande, et n'oubliez pas votre manteau." Mo yí mẹ́rin, ìkarùn-ún sá mọ́ mi lọ́wọ́. Mo kọ "n'oubliez pas ton manteau", bí ẹni tó ní "ẹ má gbàgbé kóòtù rẹ". Oní-fọ́tò kò fèsì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá parí "vous" tán, mo máa ń padà wá "te", "toi", "ton", "ta" àti "tes" kiri bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.

Ìkẹta, tọkọtaya kan ni. "Vous" tiwọn kò lẹ́jọ́ nínú, ẹ̀yin méjèèjì ló túmọ̀ sí.

Ó wá ku ìyá ọkọ. Ẹ gbọ́ ná, ta ló ń sọ "o" fún ìyá ọkọ? Mo fi "vous" kí wọn dáadáa, ó kù díẹ̀ kí n dọ̀bálẹ̀ nínú ìwé. Lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà pe ọmọ rẹ̀: kí lòun fi ṣẹ ìyàwó? Àṣé láti ọdún tó kọjá ni màmá ti sọ fún un pé "on se tutoie", kí àwọn máa pe ara wọn ní "tu". Ẹni tó bá sì padà sí "vous" lẹ́yìn irú ìyẹn, ilẹ̀kùn ló tì. Èmi tí mo bọ̀wọ̀ fún àgbà ni mo wá di ẹni tó fẹ́ tú ilé ká! Ìyàwó kò sì sọ nǹkan kan fún mi. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ náà kò sọ.

Mo gbìyànjú kí n kọ ọ́ láìlo ọ̀kankan nínú méjèèjì: "Merci de prévenir en cas de régime sans viande." Kò sí "tu", kò sí "vous", ṣùgbọ́n ó dà bí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọsibítù. Ìyàwó ní kí n gbé e kúrò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ máa rán wa ní irú iṣẹ́ yìí, ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń pe ara yín tẹ́lẹ̀. Ìyá ọkọ ti gba "tu" rẹ̀ padà. Oní-fọ́tò kò tíì sọ bóyá ó ń jẹ ẹran.