Àṣìṣe Tó Mọ Ọ̀nà Àpò

Ìwé ìnáwó ìrìnàjò ni òṣìṣẹ́ fi ń ròyìn owó tó ná nígbà tó bá ti ìrìnàjò iṣẹ́ dé. Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń wọ́ nínú rẹ̀: iye orí rìsíìtì àti iye tí wọ́n bèèrè kì í bára mu, ìnáwó ẹyọ kan máa ń wọlé lẹ́ẹ̀mejì, ìṣirò owó àjẹmọ́nú ojúmọ́ sì máa ń ga ju àjà lọ. Ọ́dítọ̀ tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ wá olè. Àṣìṣe ló ń wá, nítorí pé ohunkóhun tó bá rí, àṣìṣe ni ẹni tó kọ ìwé náà yóò pè é. Ohun tó kù láti mọ̀ ni ibi tí àṣìṣe náà dorí kọ. Àṣìṣe gidi kì í ṣojúsàájú: lónìí yóò gba ti ilé iṣẹ́, lọ́la yóò gba ti òṣìṣẹ́. Àmọ́ oríṣi kan wà tó mọ̀nà. Bí wọ́n tú u sílẹ̀ l'Ábújá, àpò ẹni tó ṣe é n'Íbàdàn ló ń bọ̀ tààrà, kò ní yà síbì kankan.

Akọ̀wé kan wà ní ilé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn. Àfinúrò ni akọ̀wé náà àti ilé iṣẹ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òǹkàwé kọ̀ọ̀kan yóò ní òun mọ̀ ọ́n. Wọ́n rán an lọ síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mẹ́ta l'Ábújá, wọ́n sì fún un ní ₦350,000 dání. Ó gbéra lọ́jọ́ Àìkú, ó padà dé lọ́jọ́bọ̀. Òfin ilé iṣẹ́ náà ò le: rìsíìtì ni wọ́n fi ń gba owó òtẹ́ẹ̀lì àti owó ọkọ̀. Fún oúnjẹ àti pẹ́pẹ̀pẹ́, àjẹmọ́nú ₦18,000 ni fún òru kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ bá sùn níta, àmọ́ wọn yóò yọ ₦5,000 kúrò fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí àwọn tó gbàlejò bá fún un lóúnjẹ ọ̀sán. Nígbà tí akọ̀wé dé, ìwé tó kó sílẹ̀ jẹ́ ₦393,500. Lójú tirẹ̀, ilé iṣẹ́ jẹ òun ní ₦43,500, ó sì ní kí wọ́n jọ̀ọ́ tètè san án, nǹkan ò rọgbọ.

Kì í ṣe ìdì rìsíìtì ni iṣẹ́ ọ́dítọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà tó fàṣẹ sí ìrìnàjò ló ń kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ìwé orúkọ àwọn tó wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́, lẹ́yìn náà ọjọ́ tí òtẹ́ẹ̀lì kọ pé àlejò wọlé àti ọjọ́ tó jáde. Inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò ti ka iye òru tí ẹni náà sùn níta, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó wo iye owó kankan. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wo iye owó ti jẹ́ kí ìwé náà kọ́ òun ní ìṣirò. Òru mẹ́rin ni ti akọ̀wé yìí: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú.

Rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì ló kàn. Ohun tó wà lórí rẹ̀ ni pé ₦30,000 ni yàrá lóru kan, òru mẹ́rin jẹ́ ₦120,000. Owó-orí ọjà, tó ti wà ní ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún láti oṣù Kejì ọdún 2020, jẹ́ ₦9,000, gbogbo rẹ̀ wá di ₦129,000. Iye tí akọ̀wé kọ ni ₦138,000. Ọ́dítọ̀ tó mọ ìyọkúrò nìkan yóò kọ “ìyàtọ̀ ₦9,000”, yóò sì ṣíwèé. Èyí tó mọṣẹ́ yóò bi ìyàtọ̀ náà pé ọmọ ta ni. Kò sì ní jìnnà kó tó rí bàbá rẹ̀, nítorí ₦9,000 gan-an ni owó-orí tó wà lórí rìsíìtì náà: akọ̀wé mú àròpọ̀ tí owó-orí ti wà nínú rẹ̀, ó tún fi owó-orí kan náà lé e. Àwọn tó ń sá fún owó-orí ló pọ̀ nílùú; ẹni tó ń san án lẹ́ẹ̀mejì yẹ kí ìjọba fi oyè dá lọ́lá, bí kì í bá ṣe pé orí ìwé nìkan ló ti san án. Ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ tún ro ìlà kọ̀ọ̀kan orí rìsíìtì náà pọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí àárín owó yàrá àti àròpọ̀ ìsàlẹ̀ ni aṣọ fífọ̀ àti ọtí tútù máa ń sá pamọ́ sí.

Tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ tó gbé e lọ sọ pé ₦36,500. Ìwé akọ̀wé sọ pé ₦63,500. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦27,000, bí wọ́n bá sì fi 9 pín in, kò ní ṣẹ́ kù. Ọgbọ́n àtijọ́ àwọn akàwé-owó nìyí: nígbàkígbà tí ẹnìkan bá gbé nọ́mbà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sípò ara wọn, 9 ló máa ń pín ìyàtọ̀ náà dọ́gba. Nítorí náà, ìyàtọ̀ tí 9 bá pín ń sọ fún ọ́dítọ̀ pé kó lọ wò ó bóyá nọ́mbà ló yí padà. Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. ₦9,000 ti òtẹ́ẹ̀lì náà kúkú ṣeé fi 9 pín, bẹ́ẹ̀ kò sí nọ́mbà kankan tó yí níbẹ̀. Ẹni tó bá gbára lé ọgbọ́n yìí láìwo rìsíìtì yóò máa dárí ji ẹni tí kò ṣe àṣìṣe.

Ọ̀rọ̀ ìnáwó tó wọlé lẹ́ẹ̀mejì ló ń gba sùúrù jù, nítorí kì í wọ aṣọ kan náà wá lẹ́ẹ̀mejì. Tíkẹ́ẹ̀tì àbọ̀ akọ̀wé jẹ́ ₦36,500, ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kọ sí i. Àmọ́ alẹ́ ọjọ́rú ló ti fi káàdì sanwó rẹ̀, ẹ̀rọ pí-ó-ẹ̀sì sì yọ ìwé pélébé kan fún un. Bí ìsanwó ẹyọ kan ṣe bí ìwé méjì nìyẹn, ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ tirẹ̀, akọ̀wé sì fi ọ̀kọ̀ọ̀kan gbowó. Ó pe tíkẹ́ẹ̀tì ní “ọkọ̀ Àbújá sí Ìbàdàn”. Ó wá pe ìwé pélébé ní “ọkọ̀ láti gáréèjì dé ilé”. Ilé tí wọ́n ń fi ₦36,500 wọkọ̀ dé láti gáréèjì n'Íbàdàn, ó ní láti jẹ́ pé ó ti gba Ìlọrin kọjá.

Ọ́dítọ̀ tó kó gbogbo ìnáwó sínú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì lè fi fọ́múlà wá irú rẹ̀. Bí ọjọ́ bá wà ní òpó B, tí iye owó wà ní òpó D, èyí ni yóò ka iye ìgbà tí ọjọ́ kan àti iye kan jọ fara hàn:

```
=COUNTIFS(B:B,B2,D:D,D2)
```

Ibi tó bá ti ju 1 lọ ni kó yẹ̀ wò. Àmọ́ fọ́múlà yìí kò ní rí ti akọ̀wé wa, nítorí ọjọ́rú àti ọjọ́bọ̀ kò jọra. Iye owó nìkan ló yẹ kó wá lẹ́yìn náà:

```
=COUNTIF(D:D,D2)
```

Èyí yóò mú ₦36,500 jáde. Yóò sì mú ẹlòmíràn tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ jáde pẹ̀lú rẹ̀, bí ẹni tó wọ takisí kan náà lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ní iye kan náà. Ojú ló kù láti fi wò ó. Lórí ìwé pélébé náà, nọ́mbà kan wà tí wọ́n tẹ RRN sí iwájú rẹ̀, tí kò yẹ kó jọ ti ìsanwó mìíràn. Bí ọ́dítọ̀ bá béèrè àkọsílẹ̀ owó láti báńkì akọ̀wé, tí ₦36,500 jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lálẹ́ ọjọ́rú, ẹjọ́ ti parí.

Takisí inú Àbújá tún wà níbẹ̀, ₦24,000. Fọ́tòkọ́pì ni akọ̀wé mú wá, ó ní rìsíìtì gidi ti ń ṣá nítorí ooru. Òótọ́ ni pé lẹ́tà orí irú ìwé bẹ́ẹ̀ máa ń pa rẹ́. Ìyẹn ni kò fi yẹ kí ọ́dítọ̀ dúró sórí ìwé ẹnìkan ṣoṣo: inú Ẹ́sẹ́ẹ̀lì kan náà ni kó kó ìwé gbogbo àwọn tó jọ rìnrìn-àjò sí. Nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀, rìsíìtì tó ń ṣá wà digbí nínú fáìlì ẹnìkejì akọ̀wé, tí wọ́n jọ wọ takisí náà, tí òun náà sì ti gba ₦24,000 tirẹ̀. Ẹni tó sanwó ló ni ìnáwó; fọ́tòkọ́pì kò sanwó fún ẹnikẹ́ni.

Àjẹmọ́nú ló kù. Akọ̀wé kọ ₦95,000, kò sì fi ìṣirò kankan hàn. Iye tí kò ní ìṣirò lẹ́yìn ni ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ tú palẹ̀. Àìkú títí dé Ọjọ́bọ̀ jẹ́ ọjọ́ márùn-ún, akọ̀wé sì ka ọjọ́ dípò òru: ₦18,000 ti wọlé láìtọ́. Ìlọ́po márùn-ún ₦18,000 jẹ́ ₦90,000, kì í ṣe ₦95,000: ₦5,000 mìíràn nìyẹn. Àwọn tó ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà fún wọn lóúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì wà nínú ìwé ètò tí akọ̀wé fúnra rẹ̀ so mọ́ ìròyìn rẹ̀: ₦15,000 kò yọ kúrò. Iye tó tọ́ ni ₦72,000 tí a yọ ₦15,000 kúrò nínú rẹ̀, ìyẹn ₦57,000. Ọ́dítọ̀ tó bá kàn tún ìlọ́po ṣe yóò rí ₦5,000, inú rẹ̀ yóò dùn, ₦33,000 yóò sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Aṣiṣẹ́ tó gbọ́n a máa fi àṣìṣe kékeré sílẹ̀ sójú kan kí ọ́dítọ̀ lè rí nǹkan gbé lọ fún ọ̀gá.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ tò, ₦129,000 ni òtẹ́ẹ̀lì, ₦73,000 ni ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ₦57,000 ni àjẹmọ́nú: ₦259,000. Ilé iṣẹ́ kò jẹ akọ̀wé ní ₦43,500. Akọ̀wé ló jẹ ilé iṣẹ́ ní ₦91,000, ìyókù nínú owó tí wọ́n fún un dání.

Àwọn ìyàtọ̀ náà jẹ́ ₦134,500, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó ṣèèṣì ya sí ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́. Ohun tí ọ́dítọ̀ gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀ gedegbe nìyẹn, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ iye tó dín tètè ń rí i, ó sì ń tún un ṣe kó tó fi ìwé sílẹ̀. Èyí tó lé ni kì í dun ojú rẹ̀. Olódodo náà lè tipa bẹ́ẹ̀ ní àṣìṣe tó dorí kọ ọ̀nà kan. Nítorí ìdí èyí, ìwé tí ọ́dítọ̀ máa kọ sí akọ̀wé kò ní pè é ní olè. Yóò to ìlà márààrún, iye tó bèèrè, iye tí ẹ̀rí fi hàn àti ẹ̀dà ẹ̀rí náà, yóò sì ní kó dáhùn sí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìdáhùn akọ̀wé dé ní ọjọ́ kejì. Kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn: ó ní iṣẹ́ èṣù ni, àti pé bátìrì fóònù tó fi ṣírò owó ló fẹ́ẹ́ kú. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n máa yọ ₦91,000 náà díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù. Wọ́n gbà fún un. Ọ́dítọ̀ buwọ́ lùwé, ó wá ní kí wọ́n bá òun wá fáìlì gbogbo ìrìnàjò tí akọ̀wé ti lọ láti ìgbà tó ti ra fóònù náà.