Ìkòkò Kan, Abọ́ Mẹ́ta

Bí orin bá dùn ní ilé ìjọsìn, wọ́n á ní Ẹ̀mí ló sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá han "fííì" ní ìṣẹ́jú àáyá kan péré, ó di "Onísáùndì!", gbogbo ìjọ á sì yí ọrùn padà wò mí bí ẹni tó jí àpótí ọrẹ. Kò sẹ́ni tó ń ronú pé èèyàn mẹ́sàn-án ló wà lórí pẹpẹ, pé ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ló fẹ́ gbọ́ ohun tí ẹnì kejì kò fẹ́ gbọ́, àti pé èmi nìkan ni mo ń bu fún gbogbo wọn.

Ọjọ́ ìkórè ni, ní Ìlọrà. Láti Fìdítì ni mo ti gbé ẹrù mi wá, tí mo há ara mi mọ́ àárín apẹ̀rẹ̀ ọ̀pẹ̀yìnbó àti àpò ọsàn tí àwọn ìyá kan ń gbé lọ fún ìdúpẹ́, torí ẹ̀yin náà mọ̀ pé èso ni Fìdítì fi ń kí àlejò lójú ọ̀nà. Ẹrù tèmi ni míkísà olójú mẹ́rìndínlógún, sípíkà ńlá méjì tó dojú kọ ìjọ, àti sípíkà kékeré mẹ́ta tí a ń pè ní mọ́nítọ̀. Ilẹ̀ ni mọ́nítọ̀ ń jókòó sí, á gbé ojú sókè sí ẹni tó ń kọrin, kó lè gbọ́ ara rẹ̀. Ẹni tí kò bá gbọ́ ara rẹ̀ á pariwo, á ya kúrò lójú ohùn, á sì sáré ju ìlù lọ. Ìdí nìyẹn tí ó fi wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkòkò ọbẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀. Ohùn kọ̀ọ̀kan tó wọ míkísà ní ojú tirẹ̀, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Géènì ló wà lókè pátápátá, òun ni iye ohùn tó ń wọlé. Àwọn kókó tó ń tún ohùn ṣe tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kókó ọ́kísì mẹ́rin, fédà tó ń lọ sókè-sódò sì wà nísàlẹ̀. Fédà ló ń bu fún ìjọ. Ọ́kísì kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìgbakọ sínú abọ́ ọ̀tọ̀: ọ́kísì kìíní ojú kọ̀ọ̀kan ń bu sínú abọ́ kìíní, ìkejì sínú abọ́ kejì. Ojú mẹ́rìndínlógún ní ọ̀nà mẹ́rin, kókó mẹ́rìnlélọ́gọ́ta nìyẹn, ọwọ́ méjì ni Ọlọ́run sì fún mi. Mo ti fi ọ́kísì kẹrin fún ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kí ohùn dún bí ẹni wà nínú kàtídírà. Ó ku abọ́ mẹ́ta fún ẹnu mẹ́sàn-án.

(Ẹgbẹ́ jùjú ńlá, irú ti Sunny Adé tí èèyàn bí ogún lè wà lórí ìtàgé, a máa ní míkísà ọ̀tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé fún mọ́nítọ̀ nìkan, àti ẹni tí kò níṣẹ́ mìíràn ju kó máa wo ojú olórin lọ. Èmi ni ẹni yẹn, èmi ni mo ń bu fún ìjọ, èmi náà ni mo ń bu epo sí jẹnẹrétọ̀.)

Báyìí ni mo ṣe pín in. Abọ́ kìíní jẹ́ ti àǹtí adarí orin àti àwọn elégbè mẹ́ta: ohùn àǹtí ló kún inú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù dé ìdajì, ohùn elégbè díẹ̀, ó tán. Abọ́ kejì jẹ́ ti oníkíbọ́ọ̀dù, onísakisófóònù àti onígìtá béèsì. Abọ́ kẹta jẹ́ ti ọmọ tó ń lu dírọ́mù àti bàbá onígángan: béèsì, ohùn àǹtí, kíbọ́ọ̀dù díẹ̀. N kò fi ìró dírọ́mù sínú abọ́ onídírọ́mù. Ẹni tó jókòó sáàárín agogo, kí ló tún fẹ́ fi agogo ṣe?

Ohun tí ojú mi ń rí ti bẹ̀rẹ̀ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ ọ̀rọ̀ kan: "Bọ̀dá, ẹ bá mi gbé e sókè." Gbogbo ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sí ẹni tó sọ fún mi rí pé kí n bá òun rẹ nǹkan kan sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni rírẹ̀ sílẹ̀ gan-an ni oògùn rẹ̀. Nígbà tí àǹtí ní òun ò gbọ́ ara òun, n kò fọwọ́ kan ohùn rẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ni mo bù kù nínú abọ́ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí mi: "Ẹ ṣé o, ó ti lọ sókè báyìí." Mo ní kò tọ́pẹ́.

Ìsìn bẹ̀rẹ̀, ó ń dùn. Ni alàgbà kan bá rán ọ̀kan lára àwọn agbàlejò sí mi: kíbọ́ọ̀dù ti pọ̀ jù. Mo fa fédà rẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀. Oníkíbọ́ọ̀dù gbójú sókè, ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ rẹ̀, ó fi kún un. Agbàlejò tún dé. Mo tún fà á wálẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni náà tún fi kún un, ó wá ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ ní gbèsè. Ẹ̀ẹ̀mẹta la ṣe èyí. Lẹ́ẹ̀kẹta, àǹtí na ìka sókè pé òun ò gbọ́ ara òun mọ́, mo fi kún tirẹ̀, ẹ̀rọ sì hu. Ọrùn ìjọ yí padà.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí ẹ̀bi tèmi wà níbẹ̀. Lórí míkísà mi, bọ́tìnnì kékeré kan wà fún ọ́kísì kọ̀ọ̀kan tí à ń pè ní pirí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ìgbakọ yẹn á máa bu kí ohùn tó dé fédà, ohun tí ẹ bá ṣe fún ìjọ kò ní kan abọ́ olórin. Bí ẹ kò bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn fédà ló ti ń bu: fédà lọ sílẹ̀, abọ́ náà lọ sílẹ̀. Mo tẹ ti abọ́ kìíní àti ti ìkẹta. Ìkejì, bóyá ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀, bóyá ọmọ kan tẹ̀ ẹ́ padà. Nítorí náà, gbogbo bí mo ṣe ń gba ti alàgbà rò, ebi ni mo ń fi pa oníkíbọ́ọ̀dù. Òun náà wá ń fi kún láti orísun. Ìfikún yẹn kò yà sí ibì kan, ó ń lọ tààrà sínú abọ́ àǹtí tí mo ti tẹ pirí tirẹ̀, ó sì ń bo àǹtí mọ́lẹ̀. Alàgbà kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, èèyàn mẹ́ta ló dàrú.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò ju báyìí lọ: ẹ fa fédà ohùn kan dé ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà ìdánrawò. Bí olórin bá ṣì ń gbọ́ ọ nínú mọ́nítọ̀, pirí wà níbẹ̀. Bí ó bá dákẹ́, kò sí i. Èmi kò ṣe é, torí pé ìyá kan ń bi mí níbo ni kí òun kó iṣu sí. Nígbà tí mo rí bọ́tìnnì náà, mo kọ́kọ́ yí kókó àgbà abọ́ kejì wálẹ̀ kí ohùn má bàa fò mọ́ wọn létí, mo tẹ̀ ẹ́, mo ń gbé e padà díẹ̀díẹ̀, mo sì bẹ ọ̀gbẹ́ni pé kó dá ẹ̀rọ rẹ̀ padà sí ibi tí mo fi sẹ́lótéèpù sàmì sí ní àárọ̀. Ó dá a padà, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín. Pirí pàápàá kò gba ni lọ́wọ́ géènì o. Ẹni tó bá yí géènì láàárín orin ti da iyọ̀ sínú ìkòkò, gbogbo abọ́ ló máa tọ́ ọ wò.

Ti híhu yẹn, máíkì àti mọ́nítọ̀ ló ń jẹ ọ̀rọ̀ ara wọn. Irú máíkì tí àǹtí ń lò kì í gbọ́ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, nítorí náà ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ni mo gbé mọ́nítọ̀ sí. Àǹtí wá fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí máíkì bí ẹni mú orógbó. Bí a bá ti bo orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó di etí gbogbo ara. Mo sì ti wá ọ̀nà rẹ̀ ní àárọ̀: mo ń gbé abọ́ náà sókè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Bí ó bá dún bíi fèrè, àárín 2,000 sí 4,000 hẹ́ẹ̀tísì ló wà. Bí ó bá ń kùn bí ẹni sọ̀rọ̀ nínú àmù, ó súnmọ́ 250. Mo wá ibẹ̀ lórí ìkúwélásà, mo gé e ní dẹ̀síbẹ̀lì 3, nígbà mìíràn 6, mo dúró. Ẹni tó bá gé e káàkiri, ohùn àǹtí á máa jáde láti abẹ́ kúbùsù.

Ọ̀rọ̀ kúbùsù, ní àárín ìsìn ni àǹtí ní ohùn òun ti sú. Mo wo míkísà, ohun gbogbo wà bó ṣe wà. Mo rìn lọ síwájú. Iṣu ọlọ́rẹ ti bo ihò òkè mọ́nítọ̀ níbi tí ohùn tín-ín-rín ti ń jáde, ọ̀pẹ̀yìnbó sì jókòó lé e lórí bí adé. Ṣé kí n gbé ọrẹ Ọlọ́run kúrò lójú ìjọ ni? Mo fẹsẹ̀ rọra tì í.

Bàbá onígángan ló kù. N kò fi gángan sínú abọ́ kankan, síbẹ̀ gbogbo abọ́ ló ń gbọ́ gángan, torí pé ẹ̀gbẹ́ máíkì àǹtí ni bàbá dúró sí. Ohun tó bá wọ máíkì àǹtí á bá ohùn àǹtí lọ síbi gbogbo tí mo bá bu ú sí. Kò sí kókó tó ń wo ìyẹn sàn, ìṣísẹ̀ mẹ́ta ló ń wò ó. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún díẹ̀." Bàbá kò dá mi lóhùn ní ẹnu. Ó fi ìlù sọ nǹkan kan, gbogbo ìjọ bú sẹ́rìn-ín, n kò sì bi wọ́n ohun tí ìlù wí. Ṣùgbọ́n ó sún.

A parí. Mo ń ká wáyà nígbà tí mo rí i pé èyí tó lọ sí mọ́nítọ̀ kẹta ti já kúrò lẹ́yìn rẹ̀, ìdí apẹ̀rẹ̀ ọsàn kan sì jókòó lé e. Apẹ̀rẹ̀ náà ti wà níbẹ̀ kí ìwàásù tó bẹ̀rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé abọ́ kẹta kò ní ọbẹ̀ kankan nínú ní gbogbo orin ìdúpẹ́. Ọmọ onídírọ́mù sì ti juwọ́ sí mi lẹ́ẹ̀mejì pé kí n fi kún un, mo fi kún un, ó sì na àtàǹpàkò sókè.

Mo pè é. "Ṣé o gbọ́ dáadáa lónìí?"

"Ketekete, bọ̀dá. Àfi kí ẹ bá mi bu béèsì kù díẹ̀ nígbà mìíràn."