Máígádì Ló Tọrọ Àforíjì

Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sílé fún ìgbéyàwó ní Ìbàdàn ní oṣù Ọ̀wàrà 2025. Ó ní íńtáfíù iṣẹ́ kan tó máa ṣe lórí kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ Ẹtì, 24. Ó ti lọ kóòtù sílẹ̀. Ti ṣòkòtò kò kàn án, kẹ̀ǹbẹ̀ ti tó lábẹ́ tábìlì.

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni lẹ́tà dé. Ẹni tó ń bójú tó ìgbanisíṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: nínú àwọn mẹ́ta tó yẹ kó bi í léèrè, ara ẹnì kan kò yá, wọ́n sì ti pe ẹlòmíràn sí ìpàdé pàjáwìrì. Ó ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ rárá, orúkọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kó mú ọ̀kan: aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, 27, tàbí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Kó fèsì kí ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì tó pé, kó má sì lo líǹkì àtijọ́ mọ́.

Àbúrò rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Bọ̀dá mi, ẹni kan tó kù yẹn, ṣé kò lẹ́nu ni?"

Ó lẹ́nu. Àmọ́ kálukú ló ń fún ni ní máàkì tirẹ̀ kí wọ́n tó pa á pọ̀. Bí èèyàn mẹ́ta bá fún àwọn tó kù ní máàkì, tí ẹnì kan ṣoṣo sì fún ọ̀gbẹ́ni yìí, ẹni tí kò bá rí iṣẹ́ náà gbà lè ní wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Àbúrò yìí ní ìdí tó fi ń rẹ́rìn-ín. Òun ti wọ mọ́tò ní Ìwó Róòdù kí ilẹ̀ tó mọ́, ó dé Èkó fún íńtáfíù, ó jókòó títí di ọ̀sán. Máígádì ló wá sọ fún un pé ọ̀gá ti lọ Àbújá, ó bẹ̀ ẹ́, ó sì fún un ní píọ̀ wọ́tà. Ẹni tí kò jẹbi ló tọrọ àforíjì! Ní ọjọ́ mìíràn lẹ́yìn náà, ẹnì kan pè é láago mẹ́jọ àárọ̀: "Ṣé ẹ lè dé ibí láago mẹ́wàá?" Ìbàdàn ló wà. (Kì í ṣe gbogbo iléeṣẹ́ Èkó ló ń ṣe báyìí o, àwọn tó ń pe èèyàn tẹ́lẹ̀ wà.)

Ọ̀gbẹ́ni mú ọjọ́ Ajé. Aago mẹ́wàá lù, ó jókòó tòun ti kóòtù, kò rí ẹnikẹ́ni. "Òyìnbó náà ti ń ṣe bíi tiwa!"

Wọn ò ṣe bíi tiwa. Láti ìparí oṣù Ẹrẹ́nà títí di ìparí oṣù Ọ̀wàrà, aago Lọ́ńdọ̀nù àti ti Nàìjíríà dọ́gba. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àìkú, 26, Lọ́ńdọ̀nù dá aago tirẹ̀ padà sẹ́yìn ní wákàtí kan. Nàìjíríà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mẹ́wàá ti Lọ́ńdọ̀nù ti di mọ́kànlá ní Ìbàdàn, lẹ́tà tó dára tó yẹn kò sì sọ aago ìlú wo ló ń wí. Nígbà tó di mọ́kànlá, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọjú, wọ́n tún ń bẹ̀bẹ̀ lákọ̀tun.

Ẹ̀yin tó ń kọ irú lẹ́tà yìí, ẹ kọ aago ìlú méjèèjì sí i. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé, ẹ pe ọmọ ọlọ́mọ kó tó wọkọ̀ ní Ìwó Róòdù.