Ẹ̀gbọ́n Jápa, Ẹ Kú Ìnáwó

Ẹ̀gbọ́n Jápa, ẹ kú ìnáwó. A rí fọ́tò òde ìdágbére yín. A rí ìrẹsì, a rí díjéè, a rí aṣọ ẹbí aláwọ̀ ọsàn tí gbogbo àdúgbò wọ̀ bí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Pásítọ̀ gbàdúrà fún ọkọ̀ òfuurufú, ó gbàdúrà fún awakọ̀ rẹ̀, ó sì gbàdúrà fún táyà. Kò sẹ́ni tó rántí oṣù méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ máa lò ní Mánṣẹ́sítà kí owó oṣù àkọ́kọ́ tó wọlé. Nígbà tí mo béèrè pé èló ló wà lápò, ẹ gbé agbádá sí èjìká, ẹ ní: "Físà ti jáde, àbúrò. Owó tí wọ́n ní ká ní ní báńkì, a ní in."

Owó ọ̀hún, £1,270 ni. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní kó sùn nínú akáǹtì fún ọjọ́ 28, ẹ sì rò pé tó bá ti jí, ó máa bọ́ yín. Àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn tilẹ̀ máa ń dúró fún òṣìṣẹ́ wọn, tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè £1,270 yẹn rárá. Nítorí náà, ẹni tó fún yín ní físà kò bá yín ṣírò oúnjẹ. Èmi ni mo fẹ́ bá yín ṣe é, nígbà tí ẹ ti ná owó orí tábìlì tán.

Ká ní ẹ balẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún. Owó oṣù yín jẹ́ £3,500 kí wọ́n tó yọ nǹkan kan kúrò. Ẹ ti sọ fún Màmá pé tí oṣù bá ti parí, ẹ máa fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè pe Màmá padà. Ilé iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n máa ń ti ìwé owó oṣù pa, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ kẹwàá tàbí ọjọ́ kejìlá. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá tíì wọ ìwé nígbà náà, oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa san tirẹ̀. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ni fóònù yín máa tó dún. Kí wọ́n tó san án, wọ́n máa béèrè nọ́ńbà akáǹtì. Báńkì náà máa béèrè àdírẹ́sì. Lánlọ́ọ̀dù tó yẹ kó fún yín ní àdírẹ́sì á ní òun fẹ́ rí ẹ̀rí owó oṣù. Ìwé ìgbanisíṣẹ́ tó kọ iye owó oṣù yín sára ló máa ń já okùn yìí, ẹ gbé e dání ju fọ́tò òde lọ.

Ó yá, níbo lẹ máa sùn? Ẹ ní Bọ̀dá kan wà níbẹ̀ tó ti ní "ilé mi, ilé ẹ ni." Ó sọ òótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ni kò tíì sọ̀rọ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ máa gbọ́ tí ìkòkò ń dún ju bó ṣe yẹ lọ nínú kíṣìnnì, ẹ ó sì lọ wá yàrá tí à ń sanwó rẹ̀ lálaalẹ́ sí ibòmíràn. Ká kúkú ṣírò rẹ̀ tìrọ̀rùn-tìrọ̀rùn: £45 lálẹ́ kan, alẹ́ mẹ́rìnlá, £630.

Lẹ́yìn náà ni yàrá gangan. Ká ní yàrá kan nínú ilé àjùmọ̀gbé jẹ́ £600 lóṣù, iná àti omi wà nínú rẹ̀. Owó oṣù kan lẹ máa san ṣáájú, pẹ̀lú owó ìdógò. Láti ọdún 2019, òfin ilẹ̀ Ìńgíláǹdì kò gbà kí ìdógò irú ilé bẹ́ẹ̀ ju owó ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú £600 lóṣù jẹ́ £692. Kí ẹ tó gba kọ́kọ́rọ́, £1,292 ti lọ. Ẹ wo £1,270 tí ẹ fi ń yan lójú wa: kò tó ra ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san ju bẹ́ẹ̀ lọ sórí Wásáàpù kí ẹ tó fojú rí yàrá, gbájúẹ̀ ni, kódà kó máa pè yín ní "sà."

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù Kẹwàá, £600 mìíràn, owó oṣù kò tíì dé. Oúnjẹ £50 lọ́sẹ̀, ó máa tó £430 títí oṣù Kẹwàá fi parí. Ẹ lè dín in kù pẹ̀lú gàrí àti èlùbọ́ tí ẹ kó sínú báàgì, mi ò ní fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ lórí ìyẹn, ọgbọ́n ni. Kílíṣí nìkan ni kí ẹ fi sílẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹran láti ilẹ̀ wa wọlé, wọ́n á gbà á ní pápákọ̀. Bọ́ọ̀sì gba bí £80 lóṣù. Ẹ fi káàdì fóònù, àkéte, ìkòkò àti kóòtù òtútù kún un; aṣọ ẹbí aláwọ̀ ọsàn kò lè dojú kọ òtútù oṣù Kẹwàá. Àpapọ̀ rẹ̀ ń lọ sí £3,332. Tí a bá ka pọ́n-ùn kan sí 2,000 náírà, ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́fà ààbọ̀. Tí ìwé yín bá sì tún pẹ́ dé ọ́fíìsì, tí owó náà fò lọ sí ìparí oṣù Kọkànlá, ẹ fi £905 kún un. Ó di £4,237, ó kù díẹ̀ kó pé mílíọ̀nù mẹ́jọ ààbọ̀ náírà.

Ẹ má tíì jó. Ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá dé, ààbọ̀ oṣù Kẹsàn-án àti odidi oṣù Kẹwàá wọlé papọ̀: £5,250. Ẹ ṣí fóònù, ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ £1,470 ni owó orí ti gbé mì. Ẹ pariwo ìkà èèyàn. Kò sí ìkà kankan, fọ́ọ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní "Starter Checklist" lẹ kò kọ. Nígbà tí wọn kò mọ̀ yín, wọ́n fi yín sí kóòdù 0T, èyí tí kì í fúnni ní £12,570 ọdọọdún tí a kì í san owó orí lé lórí. Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù náà, tó mú gbólóhùn A, pé iṣẹ́ òun àkọ́kọ́ nìyí láti ọjọ́ 6 oṣù Kẹrin, gbogbo ẹ̀tọ́ oṣù méje sẹ́yìn á kó jọ fún un. Nínú £5,250 yẹn, kò ní san kọ́bọ̀ owó orí. Kìkì owó National Insurance ni wọ́n máa yọ. Wọ́n máa dá £1,470 yín padà tó bá yá, ṣùgbọ́n lánlọ́ọ̀dù kì í gba "tó bá yá."

Ẹ̀gbọ́n mi, tíkẹ́ẹ̀tì kò tíì jáde, àánú ṣì wà. Ẹ kọ lẹ́tà sí ilé iṣẹ́ lónìí, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń ti ìwé owó oṣù pa, ẹ sì béèrè bóyá wọ́n máa ń yá òṣìṣẹ́ tuntun lówó ṣáájú. Ẹ sọ fún díjéè pé kó dá ìdajì padà.