Ta Ni Òṣìkà Nínú Wa?

Akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé àdúgbò kan ní Ìkọ̀yà fi ìwé ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn èèyàn rẹ̀: “Pílíìsì, ẹ káàárọ̀. Kaíndílì ṣe àkíyèsí pé ẹ̀rọ kànga ti bàjẹ́. Pílíìsì kaíndílì san owó tó kàn. Kaíndílì fi rìsíìtì ránṣẹ́. Kaíndílì má fi falẹ̀ o.”

Ẹ̀bẹ̀ mẹ́fà! Iye owó kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ kò sí níbẹ̀. Bàbá àgbà kan tó ka ìwé náà bi ọmọ rẹ̀ bóyá òun ló ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ là ń bẹ òṣìkà kó tún ìlú ṣe. Ẹni tí a mọ̀ pé kò ní fẹ́ ṣe rere là ń rọ̀. Tí akọ̀wé bá wá bẹ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹfà lórí owó omi tí àwa fúnra wa ń mu, ó ti kà wá mọ́ òṣìkà kí ìkankan nínú wa tó fọwọ́ kan àpò. Ẹ̀bẹ̀ tó ṣáájú àṣẹ kì í sọ àṣẹ di ẹ̀bẹ̀. “San owó” ṣì ni “san owó”.

Ohun tó dùn mí jù nìyí: kaíndílì ti gbé “ẹ” mì. “Ṣe àkíyèsí”, “san”, “fi ránṣẹ́”, sí àwọn tó tó bí i lọ́mọ! Ká ní ó dúró níwájú wọn, kò ní dán an wò. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọ̀rọ̀ lẹ́tà ọ́fíìsì àtijọ́ wọṣọ, ó rò pé òun ti dọ̀bálẹ̀. Àwọn olóyìnbó Lọ́ńdọ̀nù gan-an, tí wọ́n bá rí kaíndílì lára ògiri lónìí, ohùn ẹni tínú ń bí ni púpọ̀ nínú wọn máa ń gbọ́.

Ìbá ti kọ ọ́ báyìí: “Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin àgbà wa. Ẹ̀rọ tó ń fa omi kànga ti jó. ₦30,000 ni alátùn-únṣe fẹ́ gbà. Ilé 10 ni wá, ₦3,000 ló kan ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa san án kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kí omi lè yọ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ẹni tí kò bá rọrùn fún, ẹ pè mí, ká jọ sọ ọ́.”

“Ẹ jọ̀ọ́” kan ṣoṣo, ó sì wà níbi tí wọ́n ti ń béèrè nǹkan gan-an. Ìdí rẹ̀ hàn, ọjọ́ hàn, ọ̀nà wà fún ẹni tí kò ní. Nǹkan tó jẹ́ ìròyìn lásán kò nílò ẹ̀bẹ̀ rárá. Ta ló ń bẹ èèyàn kó tó sọ fún un pé ẹ̀rọ jó?

Ẹni tó bá sì fẹ́ yá owó lọ́wọ́ mi, ìyẹn yàtọ̀. Kó bẹ̀ mí dáadáa, kó tún un bẹ̀, kó sì kọ iye rẹ̀ síbẹ̀.