Wọ́n Ti Jẹun Tán Kí Wọ́n Tó Ṣílẹ̀kùn

Ẹ má dárúkọ mi níbẹ̀ o. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú wa rí nídìí ìṣílé kan ní Ìlaròó níbí lọ́jọ́ Sátidé, bí n kò bá rí ẹni sọ ọ́ fún, inú mi á bẹ́. N kò ní í dárúkọ àdúgbò. Ilé tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta níwájú ni, wọ́n kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ pupa rúsúrúsú, ẹni tó bá gba ibẹ̀ kọjá ti mọ̀ ọ́n ná.

Ìwé ètò ìsìn wà lọ́wọ́ mi báyìí. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ni wọ́n kọ síbẹ̀. Orin ìbẹ̀rẹ̀, àdúrà, Bíbélì kíkà láti inú Sáàmù 127 tí gbogbo ayé ń kà níbi ìṣílé, ìwàásù ṣókí. Lẹ́yìn náà gbogbo èrò á dìde lọ síwájú ilẹ̀kùn àbáwọlé, wọ́n á gé rìbọ́nnì, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, pásítọ̀ á sì máa wọ yàrá kọ̀ọ̀kan, á fi òróró kan àtẹ́rígbà, á gbàdúrà síbẹ̀. Pálọ̀, yàrá, ilé ìdáná, dé orí ṣọ́ọ̀bù. Ọrẹ ọpẹ́, àdúrà ìparí, oúnjẹ. Oúnjẹ ló kẹ́yìn! Bí ó bá jẹ́ pé Álùfáà ni wọ́n pè wá ka Yáásínì, bákan náà ni ì bá rí: àdúà ṣáájú, sàráà tẹ̀ lé e. Kò sí ilé Mùsùlùmí tàbí ti Onígbàgbọ́ ní Yewa tí a ti ń fi ìrẹsì ṣílẹ̀kùn.

Ẹ sì máa wò ó, nǹkan àtijọ́ ni ìṣílé yìí. Nínú Diutarónómì orí 20, ọkùnrin tó bá kọ́lé tuntun tí kò tíì yà á sí mímọ́, wọ́n ní kó kúrò lójú ogun kó padà sílé. Àkọlé Sáàmù 30 gan-an, orin ìyàsímímọ́ ilé ni. Ohun tí wọ́n fi yọ ènìyàn lójú ogun ni ìyá onílé wa wá sọ di ìdúró de ọnárébù.

Bẹ́ẹ̀ ni, ọnárébù. Ó ní ẹlòmíràn kankan kò gbọdọ̀ fi sísọ́ọ̀sì kan rìbọ́nnì òun. Aago mẹ́wàá lu, alásè nìkan ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ń to àga sábẹ́ kánópì. Aago mọ́kànlá, èrò ti pé. Aago méjìlá, ọnárébù wà lọ́nà. Ààbọ̀ kọjá méjìlá, ọnárébù ṣì wà lọ́nà náà. N kò mọ irú ọ̀nà tí kì í tán bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, nítorí ìdúpẹ́ òkú kan ń dúró dè é níbòmíràn. Gbogbo ìgbà yìí, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá onílé, àgbàlagbà tí wọ́n lọ gbé láti Ayétòrò, jókòó síbi tí oòrùn ti yí bá a. Bàbá yìí ló bá a dúró lórí ilẹ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n ń ri òpó ìwọ̀n. Ìbùkún ẹnu irú wọn la fi ń ṣílé láyé wa o, kì í ṣe ti ẹni tó fẹ́ díje.

Ara èrò kò balẹ̀ mọ́, àwọn ọmọdé ń sunkún. Ni ìyá onílé bá pàṣẹ pé kí wọ́n máa bù. Háà! Mo gbọ́ ọ létí mi méjèèjì. Ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní, "Ṣé wọn ò tíì gbàdúrà ni?" Kí ó tó parí rẹ̀, àwo ti dé iwájú rẹ̀, ó sì dákẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ìṣirò. Báágì ìrẹsì olókìlò 50 ni alásè sè, ìyẹn bíi kóńgò 33. Bí a bá fi kóńgò kan bu àwo mẹ́jọ tó kún dáadáa, ó lé ní 260 àwo. Èrò tí mo kà kò ju 180 lọ. Síbẹ̀ oúnjẹ kò kárí! Ìdí rẹ̀ ni kúlà ńlá mẹ́ta tó wà lẹ́yìn kánópì, wọ́n fi aṣọ bò ó, ti ọnárébù àti àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni. Àwọn birikilà tó mọ ilé náà, tí wọ́n wọ aṣọ ìmúròde wọn wá, omi inú ọ̀rá ni wọ́n gbà. Omi inú ọ̀rá!

Nígbà tí ọnárébù dé lẹ́yìn aago kan, ìdajì èrò ti gba abọ́ oníke tí wọ́n fi ṣe ìrántí, wọ́n ti lọ. Wọ́n kọrin pẹ̀lú ikùn tó kún, ohùn ò jáde. Wọ́n gé rìbọ́nnì, fọ́tò bọ́ sójú. Ó wá ku kọ́kọ́rọ́.

Kọ́kọ́rọ́ kò sí! Ìyá onílé tú báàgì, ó wo ojú ọmọ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ wo ilẹ̀. Wẹ́dà tó ṣe ilẹ̀kùn onírin náà dúró lẹ́bàá títì, ó káwọ́ lẹ́yìn, kò pariwo, kò sọ̀rọ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbé ilẹ̀kùn náà sí. Owó tó ṣẹ́kù ni kò rí gbà. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ gbọ́n báyìí: káfíńtà tó ti kan òrùlé tán kò lè yọ ọ́ mọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó ṣe ilẹ̀kùn lè mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣílé, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá kọ́kọ́rọ́ ti tẹ òun lọ́wọ́ kó tó tẹ ìwé ìpè.

Ọnárébù kò tọwọ́ bàpò o. Bàbá Ayétòrò ló dìde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ rìn lọ bá wẹ́dà náà. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Mo kàn rí i pé ọmọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé kọ́kọ́rọ́ lé bàbá lọ́wọ́. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Wọ́n ò ya fọ́tò ìyẹn.

A wọlé. Ọ̀dà yàrá kejì kò tíì gbẹ, ó yí mọ́ léèsì funfun ìyá ìjọ kan láti èjìká dé ìdí. Ẹni tó ní òun fẹ́ tọ̀, ilé aládùúgbò ni wọ́n darí rẹ̀ sí, nítorí wọn ò tíì bo ihò ṣaláńgá. Pásítọ̀ ń fi òróró kan àtẹ́rígbà ní tirẹ̀, títí tó fi kan yàrá tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù kẹta. Ìyá onílé sáré síwájú: "Pásítọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀." Ṣùgbọ́n ọwọ́ pásítọ̀ ti wà lára ilẹ̀kùn.

Ìrẹsì dé òrùlé! Báágì lórí báágì, kò sí lẹ́tà ilẹ̀ wa lára ọ̀kan. Láti 2016 ni ìjọba ti fòfin de gbígba orí ilẹ̀ kó ìrẹsì òkèèrè wọlé. Wọ́n ti bodè pa ní 2019, ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò sì ṣí títí di 2022. Gbogbo wa ló rántí bí ebi ṣe rí. Ọ̀nà wo ni báágì wọ̀nyí wá gbà? N kò sọ pé fàyàwọ́ ni o. Pásítọ̀ wò ó, ó wo òróró ọwọ́ rẹ̀, ó kàn án fẹ́rẹ́ lókè ilẹ̀kùn, ó sọ "Àmín" tí kò sí àdúrà níwájú rẹ̀, ó sì yára jáde lọ síbi ìdúpẹ́ òkú rẹ̀.

Ìrẹsì tí alásè sè, nínú ẹ̀ náà ni. Mo bi í. Èmi náà sì ti jẹ àwo méjì nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ó dùn.